Hóró Oògùn Ale àti Ìbẹ̀rù Tí Ó Ń Fà

Ní oṣù kẹta ọdún 1998 ni ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa ta hóró oògùn kan tí à ń pè ní Fayágírà fún àwọn ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin wọn kò le mọ́. Sìlìdẹ́náfìlì ni orúkọ oògùn tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá oògùn ìrora àyà ni, kí wọn tó ṣàkíyèsí iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe. Àwọn àgbàlagbà tí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ wà lára àwọn tí ó ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara wọn dá ṣáká ń rà á láìrí dókítà, kí wọn lè fi ṣe fáàrí.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí hóró oògùn yìí ń ṣe gan-an. Kì í dá ìfẹ́ obìnrin sílẹ̀ nínú ọkàn. Nígbà tí ọkàn ọkùnrin bá fà sí obìnrin, ara rẹ̀ ni ó ń tú èròjà kan jáde tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rọ́ wọ inú nǹkan ọmọkùnrin. Èròjà mìíràn wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti fi òpin sí èyí, kí ohun gbogbo lè padà sí ipò rẹ̀. Èkejì yìí ni sìlìdẹ́náfìlì ń dí lọ́wọ́. Nítorí náà, bí iṣan ọ̀dọ́ kan kò bá ní àbùkù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni oògùn náà lè fi kún ohun tí ara rẹ̀ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Kí a fi káfíńtà kan, ọmọ ọdún 24, ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ohun tí ó ṣe é rí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní hóró kan tí ó jẹ́ 50 mìlígíráàmù. Ohun gbogbo lọ déédéé, ó sì fi ìyìn náà fún oògùn, kò fi fún ara rẹ̀. Ó tún lò ó ní Sátidé kejì àti ẹ̀kẹta. Láìpẹ́, kò lè jáde láìjẹ́ pé hóró kan wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dé láìròtẹ́lẹ̀, kò sì sí oògùn nílé. Àyà rẹ̀ já, ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Lónìí ni n ó tẹ́." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì rí.

Kì í ṣe pé oògùn ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Ìbẹ̀rù ni ó ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ọkàn sáré, tí ó sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ nǹkan ọmọkùnrin pọ̀. Ẹni tí ó ń sá fún ejò kò lè ní agbára ọkùnrin ní wákàtí náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ yìí gbà pé ẹ̀rí ti dé pé òun kò lè dá ṣe é, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Sìlìdẹ́náfìlì kì í de ara mọ́lẹ̀ bí kodíìnì ti ń ṣe. Ọkàn ni ó ń dè. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń fi hóró méjì rọ́pò ẹyọ kan, tàbí tí wọn ń fi ọtí líle gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ọtí pàápàá a máa sọ nǹkan ọmọkùnrin di aláìlágbára.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le a máa ní nǹkan ọmọkùnrin líle ní ìgbà bíi mélòó kan lójú oorun, ó sì lè bá a bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá jí. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ láìlo oògùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé iṣan kò ní àléébù, inú ọkàn ni àìsàn náà wà. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ mọ́ rárá, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti ìwòsàn, ọ̀nà tí àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà méjì, Masters àti Johnson, gbé jáde ní ọdún 1970 ṣì wúlò. Ọkùnrin náà yóò sọ òtítọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn yóò fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ pátápátá, wọn yóò kàn máa fọwọ́ kan ara wọn pẹ̀lú ìfẹ́, láìretí ohunkóhun. Níwọ̀n bí kò ti sí ìdánwò, kò sí ìbẹ̀rù ìkùnà. Bí ìbẹ̀rù bá sì lọ, agbára a máa padà wá fúnra rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lo oògùn ìrora àyà tí à ń pè ní náítíréètì kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan sìlìdẹ́náfìlì, nítorí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ dé ojú ikú. Bí nǹkan ọmọkùnrin bá sì le ju wákàtí mẹ́rin lọ tí kò rọ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà bàjẹ́ títí ayé.