Ọjà Tí A Fi Káàdì San Tí Kò Dé: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Báńkì Bá Wa Dá Sí I?

Ní ọdún 1974 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó fi káàdì àwìn ra ọjà tí kò dé ọwọ́ rẹ̀ lè kọ̀wé sí báńkì láàárín 60 ọjọ́ tí ìwé gbèsè rẹ̀ jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ káàdì bíi Visa àti Mastercard náà gbé ìlànà tiwọn kalẹ̀, òun ló sì dé ọ̀dọ̀ wa tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní ṣájìbáàkì.

Ẹ má rò pé báńkì yín ló máa fowó tiẹ̀ dá yín lóhùn o. Ọwọ́ báńkì ontajà ni báńkì yín yóò ti béèrè owó náà. Ìyẹn á wá bi ontajà léèrè. Bí kò bá fèsì, owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fèsì, ẹ̀rí ló máa sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ó fi káàdì Visa san 180,000 náírà fún mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní ọjà á dé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Kò dé. Ohun àkọ́kọ́ ni kó kọ̀wé sí ontajà, kó bi í níbi tí ọjà wà, kó sì bèèrè owó rẹ̀ padà, nítorí báńkì á fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbìyànjú. Kó tọ́jú risíìtì tó ní nọ́ńbà ọjà, àlẹ́ẹ̀tì báńkì, ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ. Kó ya fọ́tò ojú ìwé ìtọpasẹ̀ ọjà kí wọ́n tó yí i padà.

Ontajà lè mú ìwé tí ẹnìkan fọwọ́ sí jáde, pé ọjà ti dé. Bí ìwé náà bá sọ pé Ìjókò ni wọ́n gbé e dé, tí àdírẹ́sì tó wà lórí risíìtì sì jẹ́ Ìyànà-Ìyèsì, ọ̀rọ̀ bù ṣe.

Visa fi 120 ọjọ́ sílẹ̀, tí a ń kà láti ọjọ́ tó yẹ kí ọjà dé. Fún aránṣọ wa, ọjọ́ 12 oṣù keje nìyẹn. Bí ontajà bá ń sọ pé “lọ́la, lọ́la” títí di oṣù kẹfà, kó lọ sí báńkì. Kó má lọ kí ontajà tó láǹfààní láti dá owó padà, nítorí ìyẹn máa ń yá ju ẹjọ́ yìí lọ. Kó má sì sọ pé òun kọ́ ló rajà. Irọ́ yẹn ló ń pa ẹjọ́ tó dára.

Tiránsífà kò ní ṣájìbáàkì. Bí ontajà tí ẹ kò mọ̀ rí bá ní tiránsífà nìkan lòun ń gbà, ẹ kọ̀ ọ́.