Owó Ọjà Kọ́ Ni Owó Àlẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ mọ̀ pé owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Bó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦29,000 ni yóò gbà ní ìparí oṣù. Síbẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ₦29,000 lòun dá. ₦30,000 ló dá, ó sì fi ₦1,000 san owó iṣẹ́ alájọ. Alájọ kàn yọ tirẹ̀ kó tó ka ìyókù sí i lọ́wọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí ẹ̀rọ ayélujára ṣe ń ṣe. Oníbàárà á fi káàdì tàbí tiransífá sanwó, ilé-iṣẹ́ náà á gbà á, á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, á wá kó èyí tó kù lọ sí bánkì oníṣòwò lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Owó ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń wọlé pa pọ̀, àlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni bánkì sì máa fi ránṣẹ́. Oníṣòwò tó bá gbé ìwé ọ́dà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlẹ́ẹ̀tì yìí máa rí i pé wọn kò bára mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ iye tó wà nínú àlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí owó ọjà, wọ́n á sì gbà pé ṣájì ló jẹ ìyókù. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti lè sọnù tí ẹnikẹ́ni kò ní fura.

Bí wọ́n ṣe ń yọ owó iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká lo Paystack, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2015, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa sì ń lò. Lórí owó tí oníbàárà san láti inú Nàìjíríà, òfin tí wọ́n gbé síta ni pé wọn yóò yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn yóò sì fi ₦100 lé e. Bí owó náà kò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Bó sì ti wù kí owó náà pọ̀ tó, owó iṣẹ́ kì í kọjá ₦2,000.

Nítorí òfin mẹ́ta yìí, kò sí iye kan tí èèyàn lè fi ṣírò owó iṣẹ́ láti ara àpapọ̀ ọjà. Ọ́dà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun tà ₦200,000, kí òun kàn yọ ìdá 1.5 kúrò, kò ní sábà bá àlẹ́ẹ̀tì mu.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, tó sì tún ń tà á lórí ẹ̀rọ ayélujára. Láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú, ọ́dà mẹ́fà ló wọ ìwé rẹ̀: ₦12,000, ₦2,400, ₦150,000, ₦8,000, ₦20,000 àti ₦6,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦198,400. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àlẹ́ẹ̀tì wọlé: ₦181,464. Ìyàtọ̀ ₦16,936 ló wà láàárín méjèèjì.

Kí ó tó ṣe ohunkóhun, kó ṣí ìròyìn ìsanwó tí ilé-iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún owó ọjọ́ Ajé yẹn. Nínú rẹ̀ ni yóò ti rí owó kọ̀ọ̀kan, iye tí oníbàárà san, iye tí wọ́n yọ àti iye tó kù:

- ₦12,000: wọ́n yọ ₦280, ó ku ₦11,720
- ₦2,400: wọ́n yọ ₦36, ó ku ₦2,364
- ₦150,000: wọ́n yọ ₦2,000, ó ku ₦148,000
- ₦8,000: wọ́n yọ ₦220, ó ku ₦7,780
- ₦20,000: wọ́n yọ ₦400, ó ku ₦19,600

Ẹ wò ó pé lórí ₦2,400, ìdá 1.5 nìkan ni wọ́n gbà. Lórí ₦150,000, ìṣirò ìbá fi ₦2,350 hàn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró sí ₦2,000. Àpapọ̀ owó iṣẹ́ jẹ́ ₦2,936.

Ọ́dà márùn-ún ni a rí níbẹ̀. Ìkẹfà, ti ₦6,000, kò sí nínú ìròyìn náà. Oníbàárà yẹn fi ọ́dà sílẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méjìlá òru ọjọ́ Àìkú lù, ṣùgbọ́n aago ti lù kí owó rẹ̀ tó wọlé. Ọjọ́ Àìkú ló wà nínú ìwé ọ́dà, ọjọ́ Ajé ló wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gba owó, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò tó dé bánkì.

Ohun kẹta tún wà nísàlẹ̀ ìròyìn náà: ₦8,000 tí wọ́n yọ nítorí oníbàárà kan tó dá aṣọ padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ náà dá owó rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì yọ ọ́ lára owó tó fẹ́ wọlé. Owó iṣẹ́ ₦220 tí wọ́n ti gbà lórí ọjà yẹn kì í sábà padà, nítorí náà aṣọ tí kò tà yẹn ti ná an ní ₦220.

Ìdáhùn ti wá dé wàyí. Owó iṣẹ́ ₦2,936, owó ìdápadà ₦8,000, owó tó ṣì wà lọ́nà ₦6,000: àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦16,936 gẹ́lẹ́.

Akáǹtì tó wà láàárín

Kí ìṣirò yìí má baà di ohun tí à ń wá lójoojúmọ́ lórí bébà, àwọn aṣírò-owó máa ń fi akáǹtì kan sí àárín ọjà àti bánkì. Ẹ lè pè é ní "Owó tó wà lọ́wọ́ Paystack". Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí oníbàárà ti sanwó, owó kò tíì dé bánkì, ilé-iṣẹ́ náà ló jẹ oníṣòwò ní gbèsè. Nítorí náà, gbogbo ọ́dà tí wọ́n ti san owó rẹ̀ yóò wọ inú akáǹtì yìí ní òdindi, láìyọ kọ́bọ̀ kan.

Fún aládìrẹ wa, ₦198,400 ló wọlé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan mẹ́ta ló jáde: ₦2,936 lọ sí ojú ìwé ìnáwó bí owó iṣẹ́, ₦8,000 lọ sí ojú ìwé ọjà tí wọ́n dá padà, ₦181,464 sì lọ sí bánkì. ₦6,000 ló ṣẹ́kù. Ó sì mọ owó ta ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ₦5,810 lára rẹ̀ yóò dé bánkì, ₦190 yóò lọ sí owó iṣẹ́, kò ní sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù.

Ohun tó ṣẹ́kù nínú akáǹtì àárín yìí ni ẹ̀rí. Bó bá bá owó tó wà lọ́nà mu, ìwé dáa. Bí owó kan bá ń bá ibẹ̀ gbé ju ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Àǹfààní kejì ni pé iye ọjà tó wà nínú ìwé yóò jẹ́ òtítọ́. Bó bá jẹ́ àlẹ́ẹ̀tì ló kọ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ á sọ pé ₦181,464 ló tà, owó iṣẹ́ kò ní hàn níbi kankan, kò sì ní mọ iye tó ń ná lórí gbígba owó. Oníṣòwò tó ń san owó-orí orí ọjà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orí iye tí oníbàárà san ni wọ́n ti ń ṣírò ìdá 7.5 náà, kì í ṣe orí iye tó dé bánkì.

Ẹ fi nọ́ńbà so wọ́n pọ̀, kì í ṣe iye owó

Owó kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kọjá ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, tí ẹ ó rí lójú ìwé bí `reference`. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ wà lára ọ́dà nínú ìwé oníṣòwò. Ọ́dà mẹ́rin lè jẹ́ ₦8,000 lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn kò lè ní nọ́ńbà kan náà.

Nínú Excel, ẹ kó ọ́dà sí ojú ìwé kan, kí ẹ kó ìròyìn ìsanwó sí òmíràn tó ń jẹ́ `Settlement`. Bí nọ́ńbà bá wà ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ níbi méjèèjì, tí iye tí oníbàárà san sì wà ní ọ̀wọ́ kejì nínú ìròyìn, ẹ kọ èyí síwájú ọ́dà kọ̀ọ̀kan:

```
=VLOOKUP(A2,Settlement!A:B,2,FALSE)
```

Ibi tí `#N/A` bá ti yọ, ọ́dà náà kò sí nínú ìròyìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe láti apá kejì: ẹ mú nọ́ńbà inú ìròyìn lọ wá nínú ọ́dà. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé apá kejì yìí. Bí ẹ bá sì gba ìròyìn náà tààrà láti inú ètò orí kọ̀ǹpútà Paystack, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó níbẹ̀: `1200000` túmọ̀ sí ₦12,000, aago rẹ̀ sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà.

Ìdí tó fi yẹ kí ẹ wò ó láti apá méjèèjì nìyí. Ká ní ọmọ iṣẹ́ kan fi àmì "ó ti sanwó" sí ọ́dà ₦8,000 tí ẹnikẹ́ni kò san, kó sì jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn kan náà, oníbàárà mìíràn tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, tó sì san ₦8,000 nígbà méjì. Àpapọ̀ ìwé yóò bá àpapọ̀ ìròyìn mu láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kan ti jáde lọ́fẹ̀ẹ́, owó ẹlòmíràn sì wà lọ́wọ́ wa tí a gbọ́dọ̀ dá padà. Wíwá láti apá ọ́dà yóò tú àṣírí àkọ́kọ́, wíwá láti apá ìròyìn yóò sì tú èkejì.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ṣájì ti pọ̀ jù

Lábẹ́ òfin tí a kà lókè, owó iṣẹ́ máa ń wúwo jù lórí owó tó jẹ́ ₦2,500 gẹ́lẹ́: ₦137.50, ìyẹn ìdá 5.5. Kò sí owó abẹ́lé kankan tí tirẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aládìrẹ wa bá pe gbogbo ₦16,936 ní ṣájì, á jẹ́ ìdá 8.5 nínú ọjà rẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó rí ìdá tó ju 5.5 lọ wá owó ìdápadà, owó tó wà lọ́nà, owó tó ti òkè òkun wá, tí owó iṣẹ́ tirẹ̀ ga ju ti abẹ́lé lọ, tàbí owó tí oníbàárà gba ọ̀dọ̀ bánkì rẹ̀ gbà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìṣirò yìí kò lè sọ bóyá ọjà dé ọwọ́ oníbàárà, kò sì lè rí owó tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ tààrà sí bánkì láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kọjá. Ojú ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn tó bá sì jókòó sínú akáǹtì àárín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, iye owó wọn àti ọjọ́ tí wọ́n san án ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n tọ́ka sí àlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi san án.