Wọ́n Gbé Ojú Yín Sórí Yútúùbù Láìgbàṣẹ? Ọ̀nà Tí Ẹ Lè Gbà Kí Wọ́n Yọ Ọ́

Ó ṣòro kí a tó rí ibi yìgì tàbí wọlimọ tí kò ní sí kámẹ́rà lóde òní. Gbígbé fídíò sórí ayélujára ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju yíyà á lọ. Ẹni tó gbà kí wọ́n ya òun fún ìrántí ọkọ àti ìyàwó kò tíì sọ pé kí gbogbo ayé máa wo òun.

Ìpín 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 náà sọ pé ẹni tó ti fi àṣẹ sílẹ̀ lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ìlò inú ilé àti ti ẹbí nìkan kò sí lára ohun tí òfin yìí ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé arábìnrin kan ṣí ìbòjú rẹ̀ láti jẹun níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó bá ara rẹ̀ nínú fídíò wákàtí méjì lórí Yútúùbù. Kí ó kọ́kọ́ tọ́jú líǹkì fídíò náà, kí ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kí ó sì kọ àkókò tí ojú rẹ̀ hàn sílẹ̀, bíi 1:12:40 sí 1:13:05.

Lẹ́yìn náà, kí ó kọ̀wé sí ayàfídíò pé: “Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo wà ní 1:12:40 sí 1:13:05. Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi gé ibẹ̀ kúrò tàbí kí ẹ bo ojú mi.” Ó rọrùn fún ayàfídíò láti gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju kí ó pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ lọ.

Bí kò bá dáhùn, kí arábìnrin náà wá `YouTube Privacy Complaint Process`, kí ó fi ẹ̀sùn síbẹ̀. Yútúùbù lè fún ayàfídíò ní wákàtí 48 láti ṣàtúnṣe. Kò tó kí ó kàn sọ fídíò náà di `Private`, nítorí ó lè ṣí i padà nígbàkigbà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn náà sùn. Òbí lè ṣe é fún ọmọ rẹ̀ tó kéré. Bí ojú tàbí ohùn kò bá hàn dáadáa, tó jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n rí láàárín èrò, wọn kì í sábà yọ ọ́. Wọ́n tún máa ń wò ó bóyá ìròyìn tó kan aráàlú ni.

Bí gbogbo èyí kò bá so èso, a lè fi ẹ̀sùn tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin 2023 náà, létí. Ẹ rántí pé ẹ̀dà tí ẹlòmíràn gbé sí Fesibúùkù tàbí Wásáàpù kò ní bá ti Yútúùbù lọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó máa béèrè fún yíyọ wọn, nítorí náà, kí a tètè sọ̀rọ̀ kó tó tàn kálẹ̀.