Bí Fọ́tò Tí Wọ́n Tún Ṣe Kò Ṣe Níí Bàjẹ́ Lórí WhatsApp

Fọ́tò tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í dé bó ṣe kúrò nílé. Áàpù náà á kọ́kọ́ dín in kù títí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù á fi tó nǹkan bíi píkísẹ́lì 1600, á sì fún un pọ̀ ní JPEG. JPEG a máa pín àwòrán sí àpótí kéékèèké, píkísẹ́lì 8 ní ìbú, 8 ní òró, a sì máa ju ohun tí ojú kò níí tètè fura sí nù. Lára ohun tó ń bá a lọ ni ihò awọ tín-ín-tín tí ẹni tó tún fọ́tò ṣe ti fara balẹ̀ dá sí. Ojú á wá máa dán bí ike.

Ohun tó dára ni kí onífọ́tò fọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù kí áàpù tó ṣe é. Fọ́tò ìyàwó kan tó wé gèlè pupa, tí kámẹ́rà yà ní píkísẹ́lì 4000 sí 6000, lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Nínú Photoshop, ẹ̀dà fọ́tò náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé, kí ojúlówó má baà bàjẹ́. Àwọ̀ ló ṣáájú: Edit > Convert to Profile, sí sRGB. Bó bá wà ní Adobe RGB, gèlè pupa yẹn lè ṣì lójú àwọn fóònù kan. Assign Profile kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ níbí o. Ìyẹn á yí àwọ̀ padà.

Lẹ́yìn náà, Image > Image Size: gíga di 1600, ìbú á sì di 1067 fúnra rẹ̀. Dídínkù yìí máa ń mú kí àwòrán rọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ́n ọn lẹ́yìn rẹ̀: ẹyinjú, ìpéǹpéjú àti etí gèlè nìkan, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́. Export As ló kù, JPG, ní ìwọ̀n Quality tó ga, àmọ́ tí kò dé òkè pátápátá. Ẹni tó bá fi í sí ìwọ̀n tó ga jù kò jèrè ohun tó pọ̀, torí WhatsApp ṣì máa fún un pọ̀.

Ẹ̀yìn àwòrán tó mọ́lẹ̀ lápá kan, tó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ lọ sápá kejì, ló ṣòro jù. Ó lè já sí ìlà ìlà. Add Noise díẹ̀ níbẹ̀, bíi 1%, máa ń bo ìlà náà. Bó bá pọ̀ jù, á di àbàwọ́n.

Kí oníbàárà tó rí i, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn, kí wọ́n sì fà á tóbi. Àpótí àpótí lábẹ́ àgbọ̀n fi hàn pé ìfúnpọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

HD tó wà lórí WhatsApp ń gba fọ́tò tó tóbi ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fún un pọ̀. Fún fọ́tò tí wọ́n máa tẹ̀ sórí pépà, Document ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí áàpù kì í fọwọ́ kan fáìlì bẹ́ẹ̀. Ti Instagram yàtọ̀: 1080 sí 1350 ló bá fọ́tò olóròó mu níbẹ̀. Láti inú ojúlówó ni kí wọ́n ti yọ èyí náà, kì í ṣe láti inú èyí tó ti gba WhatsApp kọjá, torí ohun tí ìfúnpọ̀ àkọ́kọ́ bá ti jù nù kò ní padà wá.