Ohùn Kan fún Ojúgbà, Ohùn Kan fún Àgbà: Bí Èsì Ṣe Ń Yí Padà ní Kòríà

Nínú èdè Yorùbá, "o" àti "ẹ" la fi ń ya ojúgbà sọ́tọ̀ kúrò lára àgbà. "O ti jẹun" á di "Ẹ ti jẹun", ṣùgbọ́n "jẹun" fúnra rẹ̀ kò yí padà. Àwọn ará Kòríà kì í sábà pe "ìwọ" tàbí "ẹ̀yin" rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń kẹ́yìn gbólóhùn wọn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń gbé ọ̀wọ̀ sí.

Ká ní wọ́n bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Sọ́ọ̀lù bóyá ó ti jẹun. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bi í, yóò ní, "Un, mọgọsọ." "Mọg" ni jíjẹ, "ọs" ló sọ pé ó ti kọjá, "ọ" tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ojúgbà. Bó bá jẹ́ aládùúgbò tó dàgbà jù ú lọ ni, "un" á di "ne", "yo" á sì wọlé: "Ne, mọgọsọyo." Lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, "ọ" ìkẹyìn náà á kúrò, "sumnida" á sì gba ipò rẹ̀: "Ne, mọgọssumnida."

Bó bá wá kan òun náà láti bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè, ìparí nìkan kò tó. "Mọg" kò yẹ àgbà, nítorí náà yóò mú ọ̀rọ̀ mìíràn: "Duṣọsọyo?" "Du" ni jíjẹ fún ẹni ọ̀wọ̀, "si" tó ń buyì kúnni sì ti yọ́ di "ṣ" nínú rẹ̀. Ibí ni àwa tó ti mọ́ lára láti dá ọ̀rọ̀ oníbèéèrè padà ti máa ń ṣìṣe. Bí obìnrin àgbà kan bá fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pé, "Duṣọsọyo?", kò gbọdọ̀ dáhùn pé, "Ne, duṣọsọyo." Ara rẹ̀ ló ń buyì kún yẹn! "Ne, mọgọsọyo" ni yóò sọ.

Ohun méjì ni wọ́n ń wò, nítorí náà: ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ló ni ìparí, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ni ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ọ̀rẹ́ bá béèrè bóyá ìyá àgbà wà nílé, èsì ni, "Un, geṣọ." Kò sí "yo", torí ọ̀rẹ́ ló ń gbọ́ ọ. Àmọ́ "isọ", tí í ṣe "ó wà" fún ojúgbà, ti yí padà sí "geṣọ" nítorí ìyá àgbà tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ló béèrè, á di, "Ne, geseyo."

Ọ̀wọ̀ yìí náà lè kọjá ààlà. Àwọn tó ń ta kọfí ti ń fi "si" kún ọ̀rọ̀ wọn kí oníbàárà má baà bínú, wọ́n á ní kọfí "naoṣọssumnida", ìyẹn ni pé kọfí ti jáde wá. Àwọn onímọ̀ èdè Kòríà ń bá wọn wí pé "nawassumnida" ló tọ́: "sumnida" ti bọlá fún oníbàárà, kọfí kì í sì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni.