"Gbà" Mẹ́rin Nínú Ìpàdé Kan: Gẹ̀ẹ́sì Orí Zoom àti Àwọn Àgbà Ìgbómìnà

Nínú àkójọ èdè tí ètò ìpàdé Zoom fi lélẹ̀ fún àwọn tí ń lò ó, ènìyàn lè yan Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí, Ṣáínà àti àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá níbẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá jókòó ní Èsìẹ́ tàbí ní Òmù-Àrán láti bá ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, Yorùbá ni wọn yóò fi bá ara wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀kùn, yàrá àti ìkìlọ̀ ibẹ̀ yóò fi dá wọn lóhùn.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Èsìẹ́, ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ mọ̀ nípa àwọn ère òkúta tí ìlú náà fi lókìkí, èyí tí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ìdí wọn ní 1945. Ìyá àgbà kan àti àwọn àgbàlagbà méjì yóò jókòó yí fóònù kan ká ní Èsìẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ yóò wà lórí fóònù mìíràn ní Òmù-Àrán. Ohun tí ó lè bàjẹ́ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ju pé kí ohùn máa já lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àgbà lè sọ sétí ọmọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí a tọ́jú. Bí kò bá mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti ìgbà tí kò tọ́jú rẹ̀, kò lè dáàbò bo ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn méjì ni ó lè pàdé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì jọra lójú ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí pé ìdúró ni àwọn méjèèjì ń sọ. "Waiting for the host to start the meeting" túmọ̀ sí pé onílé fúnra rẹ̀ kò tíì dé. "Please wait, the meeting host will let you in soon" túmọ̀ sí pé àlejò ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń dúró kí onílé ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ inú wọn lè yí díẹ̀ láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò yí padà, àtúnṣe wọn kò sì papọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, aago ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta, aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wí pé "aago mẹ́rin" láìsọ ti ibo, yóò mú kí àwọn àgbà jókòó fún wákàtí gbáko níwájú ilé tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, onílé ti wà nílé. Ẹni tí ó dúró kàn ní láti ránṣẹ́ sí i lórí fóònù mìíràn pé òun ti dé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, tí Zoom pè ní "Waiting Room", kì í ṣí fúnra rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí gbogbo ayé sá wọ orí ẹ̀rọ ní 2020, àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ ìpàdé olóṣèlẹ̀, kíláàsì àti ìsìn láti da ibẹ̀ rú. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún náà ni ilé iṣẹ́ náà ti mú kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wà ní ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀, kí ó má ba à jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí líǹkì ni yóò wọlé. Ẹni tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò rí inú ilé, kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Onílé náà kò rí i. Orúkọ nìkan ni ó rí. Ibí yìí ni àwọn àgbà wa ti máa ń dúró pẹ́, nítorí pé fóònù tí a yá lọ́wọ́ ọmọ sábà máa ń gbé orúkọ ara rẹ̀ jáde. Onílé yóò rí "TECNO" tàbí "Infinix" ní ibi tí ó ti ń retí orúkọ ìyá àgbà, yóò sì rò pé àjèjì ni. Kí ènìyàn tó wọlé, àpótí kan wà tí ó ń béèrè orúkọ. Kí ẹni tí ó mú fóònù kọ "Ìyá Àgbà, Èsìẹ́" sínú rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, onílé ní bọ́tìnnì méjì pàtàkì. "Admit" ni ó ń gba àlejò wọlé. "Remove" ni ó ń lé e jáde. Àṣìṣe kékeré níbí kì í ṣe kékeré: bí Zoom ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí a bá fi "Remove" yọ kò lè padà wọ ìpàdé yẹn mọ́, àfi bí onílé bá ti yan ètò tí ó fàyè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Agbára onílé pọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ó lè pa ohùn ẹnikẹ́ni pẹ̀lú "Mute". Kò lè ṣàdédé ṣí i padà. Bí ó bá tẹ "Ask to Unmute", ìbéèrè ni ó fi ránṣẹ́: lójú fóònù ìyá àgbà ni bọ́tìnnì "Unmute" àti "Stay Muted" yóò ti yọ, òun ni yóò sì yàn. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kígbe pé "Ẹ sọ̀rọ̀, Mààmá, mo ti ṣí i fún yín," kò sọ òótọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ṣì ń dúró lójú fóònù ní Èsìẹ́. Ẹlòmíràn a máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí "odi", èyí tí kò bójú mu rárá láti fi pe àgbà. "Ohùn yín wà ní pípa" ti tó.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà wá fẹ́ kí àwọn ará Èsìẹ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn tiwọn láàrin ara wọn, kí àwọn ti Òmù-Àrán náà sọ tiwọn, kí ẹnìkan má ba à máa tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ṣe. "Breakout Rooms" ni Zoom pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Onílé ni ó ń pín wọn. Àlejò lè rí "Join", tí yóò tẹ̀ láti wọ yàrá tirẹ̀. Ìgbà tí ó bá fẹ́ jáde ni ewu wà, nítorí bọ́tìnnì méjì ni yóò rí: "Leave Breakout Room" yóò dá a padà sí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n "Leave Meeting" yóò gbé e jáde kúrò nínú ilé pátápátá. Bí ó bá tẹ èkejì, yóò tún líǹkì tẹ̀, yóò sì tún bá ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù fún àwọn àgbà ni kí wọ́n má tẹ nǹkan kan. Bí onílé bá pa àwọn yàrá dé, ìṣẹ́jú kan ni ètò náà sábà máa ń fi sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí, yóò sì kó gbogbo wọn padà sí gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀.

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Bí onílé bá tẹ "Record", ohùn Gẹ̀ẹ́sì kan yóò kéde "Recording in progress", ìkìlọ̀ yóò sì yọ pé "This meeting is being recorded", pẹ̀lú bọ́tìnnì "Got it" àti "Leave Meeting". Ìtumọ̀ "Got it" kò ju "ó ti yé mi" lọ. Ṣùgbọ́n ètò náà ka ẹni tí ó bá dúró sí ẹni tí ó ti fọwọ́ sí i pé kí a tọ́jú ọ̀rọ̀ òun. Òye àti ìfọwọ́sí ni Gẹ̀ẹ́sì fi sí abẹ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Nígbà tí a bá fi Yorùbá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ sí i, nítorí pé "gbà" ń ṣiṣẹ́ mẹ́rin nínú ìpàdé yìí: onílé ń gba àlejò wọlé, ó ń gbà á láyè láti sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń gba ohùn sílẹ̀, àlejò sì ń gbà, ìyẹn ni pé ó fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè pé "Ṣé ẹ gbà, Mààmá?" yóò gbọ́ "A gbà," kò sì ní mọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìyá àgbà dáhùn. "Mo fẹ́ tọ́jú ohùn yín sínú kọ̀ǹpútà mi, kí n lè máa gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Ṣé kí n tọ́jú rẹ̀, àbí kí n fi í sílẹ̀?" sàn jù, nítorí pé "tọ́jú" kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn yòókù.

Ìkìlọ̀ ẹ̀rọ náà kò sọ ohun tí àgbà máa fẹ́ mọ̀: ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ibi tí yóò wà, ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́ta sì ni ó yí fóònù kan ká ní Èsìẹ́. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ nìkan ni ó rí bọ́tìnnì, ẹni tí ó sì tẹ̀ ẹ́ lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá tí ó fẹ́ kí ìkìlọ̀ náà kúrò lójú ibẹ̀. Kò sí bí ìtẹ̀ yẹn yóò ṣe jẹ́ ìfọwọ́sí ìyá àgbà. Ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́nu, lọ́dọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí a tó tẹ "Record", kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ìdáhùn lè wà nínú ohùn tí a tọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí àgbà fẹ́ sọ láìtọ́jú, onílé yóò tẹ "Pause", yóò sì fi Yorùbá sọ pé òun ti dá a dúró. Àmọ́ ìkéde Zoom kò mọ̀ ju iṣẹ́ Zoom lọ. Bí ẹnìkan bá gbé fóònù mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó ń gba ohùn, kò sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò yọ.

Ohun kan ṣì wà tí ó máa ń dun olùwádìí lẹ́yìn ìpàdé. Ohùn tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tọ́jú kò kó gbogbo yàrá pọ̀. Yàrá tí òun fúnra rẹ̀ wà ni ó ń tẹ̀ lé. Bí ó bá wà lọ́dọ̀ àwọn ará Òmù-Àrán, ìtàn tí wọ́n sọ ní yàrá Èsìẹ́ ti lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ibẹ̀ ti gbọ́ ìkéde ní gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì rò pé a ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn. Ó di dandan kí ó sọ fún wọn. Lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ "End Meeting for All", kò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà náà kíákíá, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni Zoom ń sọ ohun tí ó tọ́jú di fídíò. Bí iná bá lọ láàrin iṣẹ́ yìí, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ `double_click_to_convert_01.zoom` ni yóò bá nínú àpò ìpàdé náà. Kí ó má pa á rẹ́; bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí iná bá dé, iṣẹ́ náà yóò tún bẹ̀rẹ̀.