Nígbà tí Ọjà Kò Yá: Lẹ́tà Aláṣọ kan sí Ilé Ìfowópamọ́

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ba ọ̀pọ̀ oníṣòwò lẹ́rù nígbà tí ọjà kò bá yá, tí ọjọ́ àtisan gbèsè sì ń bọ̀. Ẹlòmíràn a máa sá fún òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. Ẹlòmíràn a tọ ṣogúndogójì lọ, kí ó lè fi gbèsè san gbèsè. Ọ̀nà kẹta ni kí ó kọ lẹ́tà, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ètò ìsanwó náà tò. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ àfi bí ó bá dáhùn ìbéèrè kan tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó yáni lówó: ṣé òwò náà sinmi ni, àbí ó ti kú?

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí ń ta aṣọ ẹbí ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó yá ₦1,200,000 fún oṣù méjìlá. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, yóò san ₦100,000 nínú ojú owó, yóò sì san èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún náírà gbèsè tí ó bá kù. Ó san án ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìyẹ̀. ₦700,000 ni ó kù. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹta ọdún 2025, ààwẹ̀ Ràmádánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ karùn-ún. Ìgbéyàwó àti ayẹyẹ dáwọ́ dúró. Kò sì sí ẹni tí ń ra aṣọ ẹbí nígbà tí kò sí òde tí wọn yóò lọ. Owó tí yóò san ní ìparí oṣù náà jẹ́ ₦121,000, èyí tí ó ju èrè rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Kò dúró títí ọjọ́ fi kọjá. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni ó kọ̀wé báyìí:

“Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka. Mo kí yín, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìgbà márùn-ún ni mo ti san owó mi ní àsìkò, ₦700,000 ni ó sì kù. Èrè mi ní oṣù yìí kò ní ju ₦60,000 lọ nítorí ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí èrè mi wálẹ̀ sí ₦65,000. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún, bí Iléyá ti ń súnmọ́lé, ó padà gòkè dé ₦170,000. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n san èlé nìkan, ₦21,000, ní ìparí oṣù kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Láti ìparí oṣù kẹfà ni n ó máa san ₦70,000 nínú ojú owó pẹ̀lú èlé rẹ̀, fún oṣù mẹ́wàá. Mo fi ìwé ìṣirò ọjà mi ti ọdún méjì àti àkọsílẹ̀ aṣọ tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ lẹ́tà yìí.”

Ẹkún kò sí nínú lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ ọdún 2024 ni ẹ̀rí rẹ̀ tí ó lágbára jù: ọjà náà ti sùn rí, ó sì jí. Bí ìwé ìṣirò bá fi hàn pé èrè ń dínkù láti ọdún dé ọdún, tí kò sì gòkè padà lẹ́yìn ọdún Àjíǹde àti Iléyá, sísún ọjọ́ síwájú yóò kàn máa sọ gbèsè náà di ńlá ni. Ó sàn kí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ta lára ọjà rẹ̀, kí ó fi dín gbèsè náà kù.

Àsìkò lẹ́tà náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, bí ẹ̀yáwó ilé ìfowópamọ́ ńlá bá pé 90 ọjọ́ láìsan, wọn yóò kà á mọ́ gbèsè tí kò dára, ilé ìfowópamọ́ náà yóò sì ya owó sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé bá ọ̀gá ẹ̀ka nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tú sílẹ̀.

Síbẹ̀, ìrọ̀rùn yìí ní iye tirẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé ètò àtijọ́, èlé tí ó kù láti san jẹ́ ₦84,000. Nínú ètò tuntun, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ gba ₦63,000, oṣù mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e sì gba ₦115,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦178,500. Ó fi ₦94,500 ra àyè láti mí. Ó yẹ kí ó ṣe ìṣirò yìí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹnìkan tún wà tí kò gbọdọ̀ gbàgbé, èyíinì ni onídùúró rẹ̀. Ètò àtijọ́ ni ẹni yìí dúró fún. Bí wọ́n bá yí i padà láìjẹ́ kí ó mọ̀, òfin lè tú u sílẹ̀ nínú ìdúró náà. Nítorí náà, ilé ìfowópamọ́ yóò béèrè ìfọwọ́sí rẹ̀ kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí aláṣọ náà ti lọ bá a ní ilé kí lẹ́tà tó jáde, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu àjèjì ni yóò ti gbọ́ ọ.